Gbòǹgbò Fláwà Màmá Mi

Màmá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá jiyàn. Bó bá ní òkúta ni òun fẹ́ sè, tètè bá a wá igi ìdáná, kó o sì panu mọ́. Èmi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sá fún ní Ìkàrẹ́, tí wọ́n ní ojú mi le bí ojú ọlọ́pàá, bí mo bá ti dé iwájú rẹ̀, ohùn mi á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó sọ pé fláwà kan ni yóò pinnu bóyá òun á máa gbé lọ́dọ̀ wa tàbí òun ò ní gbé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó ṣubú. Ilé wa ní Ọ̀kà wà lẹ́bàá òkè, àtẹ̀gùn tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ara àpáta ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí obìnrin tó máa ń kiri ẹ̀kọ fi gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Ọlọ́run ṣe é, egungun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, “Màmá yìí ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́.”

Bàbá mi ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ ìyá mi yòókù, ọ̀nà wọn jìn. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, nítorí láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, kí ẹ̀pà tí èèyàn rà ní gáréèjì tó tán, awakọ̀ ti ń béèrè ibi tó o ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Áà, ẹ ò rí ojú tó fi wò mí!

“Ilé àna?” ló wí. “Kí n kó ẹrù mi, kí n lọ máa gbé nílé àna mi? Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo ṣe fún ọ?”

Lójú tirẹ̀, ìdí kan ṣoṣo ló ń gbé ìyá ìyàwó lọ sílé ọkọ ọmọ rẹ̀: ọmọ wíwẹ̀. Á dé, á wẹ ọmọ, á sè fún abiyamọ, lẹ́yìn náà á di ẹrù rẹ̀, á máa lọ. Èyí tó bá wá jókòó síbẹ̀ títí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì á ti rí ohun tí wọ́n á máa fi jẹ iṣu. Èmi bẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Ìwàrò-Ọ̀kà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìwàrò, òun náà bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tó rí i pé a ò ní fi òun lọ́rùn sílẹ̀, ló bá nawọ́ sí fláwà tó wà lójú fèrèsé.

Fláwà náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ọjá ìkookò ni: ewé rẹ̀ gùn, ó nípọn, ó dúró ṣánṣán bí idà, ó ní àbààwọ́n funfun àti àwọ̀ ewé lára. Bàbá mi ló mú un wálé lọ́dún tí wọ́n kan òrùlé ilé wa. Òun náà ló fi ìṣó lu ihò sí ìdí péèlì irin kan tó ti gbó, tó gbìn ín sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò kúrò ní pálọ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ọjọ́ Sátidé ni màmá mi máa ń bu ife omi kan sí i, á dà á títí á fi jò gba ìdí péèlì, á wá sọ pé, “Ó ti yó.”

“Èmi àti òun la jọ ń lọ,” ni màmá mi wí. “Bí ilé yín bá gbà á, á gbà mí nìyẹn. Bó bá kú, ẹ ò ní dá mi dúró. Àbúrò mi á wá gbé mi padà sílé mi, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tún bá mi sọ ọ́.”

Bàbá Ìwàrò, tí kò mọ̀ ju kí wàhálà tán lọ, yára búra pé òun á wá gbé e. Inú bí mi sí i. Ta ló ní kó dá sí i? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, kò ṣeé kó padà.

Bí a ṣe dé Ìkàrẹ́ nìyẹn, màmá mi níwájú ọkọ̀, fláwà lórí itan mi lẹ́yìn.

Ó yẹ kí n sọ nípa ọkọ mi, torí kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ nípa ara rẹ̀. Bíríkìlà ni. Ilé tó kọ́ fún àwọn èèyàn ní Ìkàrẹ́ pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ọ bí ẹni ń jẹ ẹja ẹlẹ́gùn-ún. Lọ́dún tí màmá mi dé yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táìsì sí ilẹ̀ pálọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò ó, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tó ń dojú bolẹ̀ wò ó bóyá ó tẹ́jú. Ẹ wo bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀! Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ da omi sílẹ̀ tí wọn ò nù ún, ó pariwo pé, “Omi ni ọ̀tá ilẹ̀ yìí! Símẹ́ńtì àárín rẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa, ẹ má fi omi bà á jẹ́ fún mi!” Màmá mi wà nínú yàrá. 

Ó ń gbé lọ́dọ̀ wa bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Etí àga ló máa ń jókòó sí. Kì í jẹun níbi tí àna rẹ̀ wà. Bó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà ọkọ mi, á gbé àwo rẹ̀ sá wọ yàrá. “Ilé yín” ló máa ń pè é: ilé yín tutù, ilẹ̀ ilé yín ń yọ̀, adìyẹ ilé yín ti yé ẹyin. Báàgì ńlá tó fi kó aṣọ wá wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń yọ aṣọ kan nínú rẹ̀, ó sì ń dá a padà síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́. Mo fún un ní kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí n má ṣèyọnu. Ó dùn mí. Mo fẹ́ràn màmá mi, mo fẹ́ kó wà níbi tí mo ti lè gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí àtẹ̀gùn àpáta yẹn, àyà mi á já, torí mo mọ̀ pé bó bá tún ṣubú níbẹ̀, ó lè má sí ẹlẹ́kọ kankan tó máa kọjá.

Kò pẹ́ tí ọyẹ́ dé, ni fláwà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ewé kan pọ́n láti ìdí, òmíràn tẹ̀lé e. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo mọ ohun tí omi àpọ̀jù máa ń ṣe. Mo ní, “Màmá, ẹ rọra fún un lómi.” Ó ní ife kan náà tí òun ń bu sí i ní Ọ̀kà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Mo béèrè pé ọjọ́ Sátidé nìkan? Ó ní bí òun ṣe rí i tí ó ń rọ̀, òun ti ń fi ife kan kún un láàárín ọ̀sẹ̀, torí ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ibi tí ọ̀rọ̀ fláwà ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rà kò lè fa omi mu mọ́, ewé rẹ̀ á rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, onífláwà á sì tún bu omi sí i. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní èmi ni tíṣà, òun kì í ṣe ọmọ ilé ìwé mi.

Lọ́jọ́ kan ewé tó gùn jù nínú wọn wó lulẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́. Ìdí rẹ̀ ti rọ̀ pátápátá, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n gbàgbé. Màmá mi rí i. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tí mo máa fi dé ibẹ̀, ó ti ń ká ìró rẹ̀ sínú báàgì, ó sì ti ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ bá òun fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ Ọ̀kà sí Bàbá Ìwàrò pé kó máa palẹ̀ mọ́.

“Ó ti sọ tirẹ̀,” ló wí.

Họ́wù! Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Iṣu tó bá rà lápá kan, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ máa ń dà nù?”

 Ó ti gbin iṣu, ó ti tà á, ó ti gé e ní èbù láti kékeré. Kò lè purọ́ lórí iṣu.

“A máa ń gé ibi tó rà,” ló wí.

“Ṣé a ti wo gbòǹgbò tirẹ̀?”

“A ò tíì wò ó.”

“Ẹ dìde nígbà náà.”

Mo ní kí ọmọ tó rán níṣẹ́ dúró ná. Ẹ̀yìnkùlé la gbé e lọ, lábẹ́ igi máńgòrò. Màmá mi jókòó lórí àpótí, mo tẹ́ àpò símẹ́ńtì òfìfo sílẹ̀. Mo dojú péèlì kọ ẹ̀gbẹ́, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara rẹ̀ yíká kí ilẹ̀ inú rẹ̀ lè tú, mo wá di ìdí ewé mú, mo rọra fà á. Èèyàn kì í fa fláwà bí ẹni tó ń fa okùn ẹran. Ó jáde pẹ̀lú ìró kan báyìí, bí ẹsẹ̀ tó jáde nínú ẹrọ̀fọ̀. Omi dúdú ṣàn tẹ̀lé e. Òórùn náà! Màmá mi fi etí ìró bo imú.

Mo fi ọwọ́ tú ilẹ̀ náà kúrò, mo fi omi fọ gbòǹgbò kí n lè rí i. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti di dúdú. Bí mo bá fi ìka fà wọ́n, awọ wọn á bọ́ sílẹ̀ bí awọ ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, okùn tín-ín-rín kan ni yóò kù nínú rẹ̀. Ìyẹn ti kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún un. Gbòǹgbò tó bá lera kì í ṣe bẹ́ẹ̀, á le koko lọ́wọ́, awọ rẹ̀ kò ní bọ́, inú rẹ̀ á funfun. Mo ń wá irú èyí, mi ò rí i. 

Mo wá ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé, kí ló dé tí omi fi gbé inú péèlì tó ní ihò nídìí? Mo gbé péèlì náà, mo gbójú rẹ̀ sí oòrùn. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Mo fi èékánná họ ìdí rẹ̀. Nǹkan funfun kan ló dí ihò náà. Mo họ èkejì, bákan náà ni. Ìda àbẹ́là ni. Ẹnì kan ti yọ́ àbẹ́là, ó sì ti kán an sínú gbogbo ihò tí bàbá mi lù, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè dì.

 Ta ló lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí, bí kì í bá ṣe ọkùnrin tó ń sùn ti táìsì? Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń ku iyanrìn. Mo kígbe pè é.

“Bàbá àwọn ọmọ! Ẹ wá rí iṣẹ́ ọwọ́ yín! Ilẹ̀ ilé ti ṣe pàtàkì ju màmá mi lọ, àbí? Ẹ fẹ́ kó lọ, ẹ ò lè sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ wá ń fi àbẹ́là lé e lọ!”

Ó dúró, asẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. “Àbẹ́là wo?”

“Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ o!”

“Mo ní àbẹ́là wo?”

Mo ti lanu láti sọ èyí tó burú jù ú lọ. Ibẹ̀ ni ohùn màmá mi ti wá láti orí àpótí, kò sì ròkè.

“Fi ọkọ rẹ sílẹ̀. Èmi ni.”

Àwa méjèèjì yíjú sí i. Kò wo ẹnì kankan nínú wa, ara gbòǹgbò dúdú yẹn ló ń wò.

“Mo gbọ́ pé omi ń ba ilẹ̀ yín jẹ́,” ló wí. “Fláwà yìí sì máa ń jò. Mo ní, èmi tí mo wá gbé nílé àna, kí n má tún ba ilẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jẹ́ fún un. Mo dí i kó má bàa da ẹnikẹ́ni láàmú.”

 Ojú tì mí níwájú ọkọ mi. Òun ju asẹ́ sílẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ erùpẹ̀ yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ni mò ń bá wí.”

“Mi ò bínú, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ dìde, ẹ dìde. Mo mọ̀ pé ẹ ò sọ ọ́ sí mi.”

“Ẹ tún un ṣe, Màmá. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

Ọkọ mi yíjú sí mi, ó béèrè ohun tí a nílò. Mo ní kó wá iyanrìn odò, èyí tó ní hóró, tí wọ́n ti fọ̀, tí kò ní amọ̀ nínú. Ó lọ.

Màmá mi nawọ́ sí ọ̀bẹ ọwọ́ mi. “Gbé e wá. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé èbù.” Mo fi ojú iná sun ọ̀bẹ náà, mo jẹ́ kó tutù kí n tó fún un, torí ọ̀bẹ tó bá ti kan ibi tó rà lè kó o ran ibi tó yè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Gbogbo gbòǹgbò tó rọ̀ ló gé dànù. Nísàlẹ̀ ewé, ọjá ìkookò máa ń ní nǹkan tó nípọn, tó dùbúlẹ̀ bí atalẹ̀, òun ni ìyá gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ló wá ń rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá ti rẹ́ ẹ. Ó rẹ́ ẹ, inú rẹ̀ ṣì pọ́n, ó tún rẹ́ ẹ. Mo ń nu ọ̀bẹ fún un láàárín rẹ̀. Ewé tó ti rọ̀ nídìí, ó yọ wọ́n kúrò. Nígbà tó máa fi dé ibi tó mọ́, tó le, tí kò ní àmì kankan, èyí tó kù ò tó ọwọ́ ọmọdé: ewé méjì péré, ègé kékeré kan lára ìyá rẹ̀, àti ìwọ̀nba gbòǹgbò díẹ̀ tó ṣì le lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ó kéré,” ló wí.

“Ó yè,” ni mo fèsì.

Ó ní kí n lọ bu eérú wá láti ibi ààrò. Ó fi pa ojú ibi tó gé, bó ṣe máa ń ṣe fún èbù iṣu. Mo sọ fún un pé a ò ní gbìn ín lọ́jọ́ náà. A tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kó sé, torí bó bá wọ ilẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ tútù, yóò tún rà.

Ilẹ̀ inú péèlì, mo dà á nù jìnnà sí ibi tí mo gbin ata sí. Màmá mi fẹ́ kí a dá fláwà padà sínú péèlì bàbá mi, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́. Mo ní rárá. Péèlì náà ti tóbi jù fún un báyìí. Ilẹ̀ púpọ̀ á gba omi púpọ̀, gbòǹgbò kékeré ò ní lè mu ún tán, á tún jókòó sínú omi.  “Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ńlá rí fún ẹnì kan ṣoṣo,” ló wí. Ọkọ mi wá báàkẹ́tì ọ̀dà kékeré kan, ó fọ̀ ọ́ títí ọ̀dà fi bọ́, ó wá fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ó lù ú títí mo fi ní kó máa dá a dúró, kó má di asẹ́. Mo po iyanrìn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dúdú díẹ̀, mo fọ́ èédú wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Mi ò fi ajílẹ̀ kankan sí i, torí ẹni tó ń ṣàìsàn kì í jẹ iyán. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ ti gbẹ dáadáa, a gbìn ín, kò jìn, a fi ọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀. A ò bu omi sí i. Ìyẹn ló nira jù fún màmá mi. Gbogbo ìgbà ló ń yọjú wò ó, ife lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà á sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ mi ló gbé e wọlé. Kò gbé e sí faráńdà, kò fi nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀. Orí táìsì gan-an, lójú fèrèsé pálọ̀, ló gbé e kalẹ̀ sí. Nígbà tí àkókò tó, tí mo ní ó tó láti fún un lómi, òun ló bu ún. Ó da omi náà títí ó fi jò gba ìdí báàkẹ́tì, ó ń ṣàn lórí ilẹ̀ dídán yẹn lọ sábẹ́ àga. Màmá mi yára fa ìborùn rẹ̀, ó fẹ́ fi nù ún.

“Ẹ fi sílẹ̀, Màmá,” ni ọkọ mi wí. “Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀.”

Ó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi jáde, mo rí i tó ki àkísà bọ abẹ́ báàkẹ́tì náà.

Ọyẹ́ kọjá. Ooru dé. Fláwà ò yí padà, àfi ewé kan nínú méjèèjì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti orí wá sísàlẹ̀. Mo ń sọ fún màmá mi pé ìpalára àtẹ̀yìnwá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ń mi orí. Báàgì ṣì wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Èmi fúnra mi, mi ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́. Mo máa ń jí, mo máa ń lọ wo ewé yẹn kí n tó bọ́jú, inú mi á sì bàjẹ́.

Ọjọ́ tí ewé náà gbẹ tán ni Bàbá Ìwàrò dé, àfi bíi pé ẹnì kan lọ ránṣẹ́ sí i. Ó yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún èèpo ẹ̀gẹ́. Kò tíì jókòó tó ti rí fláwà.

“Ewé kan ṣoṣo!” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní tó bá kú. Kí la tún ń dúró dè? Òjò ti ń ṣú, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ọ̀nà tó yọ̀.”

“Kò tíì kú,” ni mo wí.

“Ewé kan náà lo pè ní fláwà?”

“Bàbá Ìwàrò, ẹ mu omi ná.”

“Mi ò mu omi. Mo búra.”

Ọ̀rọ̀ tí ó búra yẹn ti sú mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó le ju omi lọ láti fi gbà á lálejò, ni mo rí màmá mi tó dìde. Mo rò pé báàgì ló fẹ́ lọ gbé. Ọ̀dọ̀ fláwà ló lọ. Ó rọra kúnlẹ̀ sí orúnkún rẹ̀ tó dáa, ó fa àkísà kúrò lábẹ́ báàkẹ́tì, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara báàkẹ́tì yíká, bí mo ṣe ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò. Lẹ́yìn náà, ó di ìdí ewé mú, ó sì da gbogbo rẹ̀ sórí táìsì.

Iyanrìn, èédú, ilẹ̀ dúdú, gbogbo rẹ̀ tú ká pálọ̀.  Màmá mi ò wo wá. Ó ń fi ìka wá nǹkan nínú ilẹ̀ náà, ó fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, ó wá gbé e sókè sí ojú fèrèsé kí àbúrò rẹ̀ lè rí i. Gbòǹgbò tuntun ti yọ láti ara ibi tó rẹ́ yẹn, wọ́n funfun, wọ́n le, wọ́n pọ̀ ju èyí tí a fi sílẹ̀ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀mùnú kan ti ń yọ, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, kò tíì dé òkè ilẹ̀ ni.

“Ewé lò ń wò,” ló sọ fún Bàbá Ìwàrò. “Ṣé ewé ló ń gbé igi dúró?”

Àkókò yẹn gan-an ni a gbọ́ ọ̀kadà ọkọ mi. Mo wo màmá mi, mo ń dúró kó sá wọ yàrá. Kò kúrò lójú kan. Ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn, ó rí erùpẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ láàárín rẹ̀. 

“Bàbá àwọn ọmọ,” ni màmá mi wí, “ẹ rọra tẹ ilẹ̀ o. Mo ti da erùpẹ̀ sí ilé wa.”

Ọkọ mi bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wá lóṣòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì kó ilẹ̀ náà padà sínú báàkẹ́tì, màmá mi sì di fláwà mú fún un láàárín.

Bàbá Ìwàrò ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Nígbà tó jẹun tán, tó ní òun fẹ́ máa lọ kí òjò tó dé, màmá mi ní kó dúró. Ó wọ yàrá. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ń dún, ó dún pẹ́. Nígbà tó jáde, báàgì ńlá yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

“Gbà,” ló sọ fún àbúrò rẹ̀. “Kó àwọn aṣọ mi tó kù sínú rẹ̀, kó o bá mi gbé wọn wá. Má gbàgbé aṣọ òtútù mi.”

Bàbá Ìwàrò ju báàgì náà sórí èèpo ẹ̀gẹ́, ó ń kùn pé ọjọ́ tí òun bá tún búra, kí ẹnu òun dí. Mo ní kó má dí i, bó bá dí, ó kàn máa rà ni.